Ìdí tí ẹ̀rọ omi Òkè-Ọ̀dàn kò fi lè sọ omi òkun Àgbádárìgì di mímu

Bí oníṣòwò omi inú ọ̀rá kan ní Òkè-Ọ̀dàn bá gbé ẹ̀rọ tó fi ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi kànga lọ sí etí òkun ní Àgbádárìgì, ẹ̀rọ náà yóò máa ké, ṣùgbọ́n omi mímu kò ní í jáde. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Agbára tí iyọ̀ òkun fi ń fa omi ló ju ti pọ́ǹpù rẹ̀ lọ.

Agbára yìí kò ṣàjèjì nílé ìdáná. Ẹni tó bá bu iyọ̀ sí ẹja tútù yóò rí i tí omi ń sun jáde lára rẹ̀, nítorí omi a máa gba inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí. Bí irú awọ bẹ́ẹ̀ bá pààlà sáàárín omi òkun àti omi tí kò níyọ̀, èyí tí kò níyọ̀ ni yóò máa lọ bá ti òkun. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìrìn náà padà gbọ́dọ̀ fi ipá tó ju ti iyọ̀ lọ ti omi òkun. Bí ipá méjèèjì bá dọ́gba, omi kò ní í lọ síbì kankan.

Awọ inú ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n fi oríṣi ọ̀rá kan ṣe, kì í ṣe asẹ́ ògì. Iyọ̀ tó yọ́ sínú omi a pín sí ègé tíntìntín tó ní agbára iná, omi a sì rọ̀ mọ́ wọn pinpin. Omi lásán ń yọ́ wọnú awọ, ó sì ń kọjá. Ìwọ̀nba iyọ̀ díẹ̀ ló ń rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi géèjì fọganáísà wọn ipá náà, èyí tó ń ka bíi 30 lára táyà ọkọ̀. Omi kànga tí lítà rẹ̀ ní gíráàmù iyọ̀ 1 nílò bíi 11 péré kí omi tó dúró sójú kan. Pọ́ǹpù tó ń tì í ní 150 ti borí rẹ̀. Lítà omi òkun ní bíi gíráàmù 35, tiwọn sì jẹ́ bíi 390.

Síbẹ̀, 400 kò tó. Bí omi mímu ṣe ń jáde, iyọ̀ ń kó jọ sínú èyí tó kù. Nígbà tí lítà 2 bá ti fún wa ní lítà 1, gbogbo gíráàmù 70 ti wà nínú lítà kan ṣoṣo, ipá rẹ̀ sì ti di bíi 800. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fi í yọ ju ìdajì lọ.

Bí pọ́ǹpù bá rẹ̀, ahọ́n lè sọ ọ́. Iyọ̀ díẹ̀ tó ń yọ́ kọjá kì í dúró de ipá, ṣùgbọ́n omi ń dúró dè é. Omi yóò dínkù, èyí tó ń jáde yóò sì máa níyọ̀ sí i. Àmọ́ bí omi bá ń pọ̀ sí i tí iyọ̀ náà sì ń pọ̀, awọ ló ti bàjẹ́. Kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi sì wà lára ohun tó ń jẹ ẹ́.