Òjé Kò Lè Di Páìpù Fíríìjì Mú

Fíríìjì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń ta omi tútù ní Ìfọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n tún un ṣe tó fi dẹ́kun àtitutù. Ẹni tó tún un ṣe ti fi òjé lẹ páìpù bàbà mọ́ ẹnu kọ́mpúrẹ́sọ̀. A gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọ̀gá tó ń ṣe é níbẹ̀ ti náítírójìn sínú rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ta omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ náà, ìfóofó sì ń yọ.

“Ẹ má bínú, mà,” ló wí fún ẹ̀gbọ́n mi, “wáyà rédíò lòjé wà fún.”

Iná ló ya sódà sọ́tọ̀ sí bíréèsì. Páìpù kì í yọ́ nínú méjèèjì. Irin mìíràn ló ń yọ́ wọ àárín àwọn páìpù náà, bí epo ṣe ń fà gun òwú àtùpà. Ti sódà ń yọ́ kí iná tó dé 450°C: àdàlù tánńganran àti òjé tó wọ́pọ̀ lọ́jà ti yọ́ tán ní bíi 190. Áyọ́ọ̀nù sódà tàbí iná gáàsì kékeré tó fún un. Ọ̀pá bíréèsì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ní bàbà àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ títí iná fi dé bíi 710. Bàbà fúnra rẹ̀ ń dúró de 1,085. Páìpù tó ti ẹnu kọ́mpúrẹ́sọ̀ jáde gbóná, ó sì ń gbọ̀n tọ̀sán-tòru. Níbẹ̀, òjé á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi là.

Mo rò pé ọ̀gá náà yóò kàn tan iná ni. Mágnẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ mú, ó fi kan ẹnu kọ́mpúrẹ́sọ̀ tó pupa bíi bàbà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn gbà! Irin ni, bàbà ni wọ́n kàn fi bo ojú rẹ̀. Ó fi ọ̀pá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀: lára bàbà méjì kò nílò ìpara, ṣùgbọ́n lára irin, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á gbẹ, á sì fọ́ bí àwo. Ọ̀pá sílífà àti ìpara fúlọ́ọ̀sì ló mú.

Ó ti rí i dájú pé gáàsì ti tán nínú rẹ̀, torí R600a lè gbiná. Ó fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí wọ́n fi dán, ó kun ìpara, ó kì wọ́n bọ ara wọn, ó sì jẹ́ kí náítírójìn máa rọra gba inú kọjá. Láìsí èyí, èépá dúdú á hù nínú páìpù, òun náà ló ń di páìpù tín-ínrín tó ń gbé gáàsì lọ. Ó ń yí iná káàkiri. Nígbà tí ìpara mọ́ kedere bí omi, ó fi ọ̀pá kan páìpù, kì í ṣe iná, sílífà sì sáré yí ẹnu rẹ̀ ká. Ká ní ó ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni, a jẹ́ pé ibẹ̀ kò gbóná tó tàbí pé ó dọ̀tí.

Nígbà tó tutù, ó fi omi gbígbóná fọ ìpara kúrò kó má baà jẹ irin náà. Ó tún ta omi ọṣẹ sí i. Ìfóofó kankan kò yọ.