Nígbà Tí Ìrírí Bá Lè Dípò Dìgírì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti gba ìwé ọmọ-ìlú ní Amẹ́ríkà ló máa ń rí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lórí USAJOBS, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí “dìgírì”, wọ́n á kọjá lọ. Ẹ má tíì kọjá. Ẹ ka abẹ́ àkọlé Qualifications délẹ̀ ná.

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì, dìgírì kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbà wọlé. Ní ìpele GS-5, ẹni tí kò ní dìgírì lè fi ìrírí ọdún mẹ́ta wọlé, bí ọdún kan nínú rẹ̀ bá tó iṣẹ́ GS-4. Ní GS-7, ọdún kan péré ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú iṣẹ́ tí ìkéde náà ṣàpèjúwe, kó sì tó ìpele GS-5. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní Nàìjíríà wúlò níbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pàápàá wúlò.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí èyí kò kàn. Kò sí iye ọdún tó lè dípò dìgírì ìṣègùn fún dókítà.

Ká ní ìkéde GS-7 kan ń wá ẹni tó ti kó àkọsílẹ̀ jọ, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì kọ ìjábọ̀ fún ọ̀gá. Obìnrin kan ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù kan n’Íbàdàn, ṣùgbọ́n ohun tó kọ sínú síìfíì rẹ̀ ni: “Mo bójú tó ilé ìkẹ́rù, 2019 sí 2021.” Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò ní bá a méfò. Wọn ò ní kà á sí.

Ó yẹ kó kọ ọ́ báyìí: “Oṣù Kẹta 2019 sí Oṣù Kejì 2021, wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Mo ń fi ọjà tó wà nílẹ̀ wé ìwé ọjà lóṣooṣù, mo ń wá ìdí tí wọn kò fi bára mu, mo sì ń kọ ìjábọ̀ tí ọ̀gá fi ń pinnu ọjà tí wọn yóò rà.”

Wákàtí yẹn ṣe kókó. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ kíkún, nítorí náà oṣù 24 tó fi ṣe ìdajì iṣẹ́ á di oṣù 12, ọdún kan gééré. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú, kò ní pé. Bí kò bá sì kọ wákàtí rárá, wọ́n lè má ka iṣẹ́ náà sí.

Ẹ fi ìkéde náà síwájú bí ẹ ti ń kọ̀wé. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá dárúkọ, ẹ wá ibi tí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ara yín. Ẹ má ṣe da ìkéde kọ. Èyí tí ẹ kò bá tíì ṣe, ẹ fò ó, nítorí ohun tí ẹ bá dáhùn nínú ìbéèrè ìforúkọsílẹ̀, inú síìfíì ni wọ́n ti máa wá ẹ̀rí rẹ̀.