Dróònù Lókè, Pèrègún Nílẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Ètò Ìnáwó Máàpù Oko Kòkó

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tó bá ti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Ẹni tó ń kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ lè fi oko tó ti wá hàn lórí máàpù. Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀ Ìdànrè àti Ilé-Olújì gbọ̀ngbọ̀n, torí Yúróòpù ni púpọ̀ nínú kòkó wa ń lọ. Tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá wá fẹ́ kọ̀wé sí onígbọ̀wọ́ pé kó fowó sí yíya máàpù oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́, dróònù ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Àmọ́ dróònù kọ́ ló yẹ kó gba owó tó pọ̀ jù.

Dróònù máa ń fò lọ fò bọ̀ ní nǹkan bíi mítà 100 sókè, á sì máa ya àwòrán tí ìkan ń gun orí ìkejì, kí kọ̀ǹpútà lè so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Nínú àwòrán yìí, èèyàn á rí odò, ọ̀nà oko, ahéré, àti ibi tí igi kòkó ti kú tí ilẹ̀ ti ṣófo. Ààlà nìkan ni kò ní í hàn. Ewé kòkó ti pàdé lókè, pèrègún tí àwọn bàbá wa fi pààlà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú dróònù, oko ìdílé méjì tó fara kanra, oko kan ṣoṣo ni.

Nítorí náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rin ààlà. Olóko àti àwọn tó bá a pààlà á jọ lọ, ẹni tó mú fóònù dání á sì dúró ní igun kọ̀ọ̀kan títí GPS yóò fi fara balẹ̀. Lábẹ́ ewé tó ṣú, ó lè fi mítà mẹ́wàá ṣìnà. Bí ìlà oko méjì bá gun ara wọn lórí máàpù, tàbí tí ìlà kan bá sọdá odò tí olóko ò ní nǹkan kan lódìkejì rẹ̀, àṣìṣe ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ibi tí àwòrán dróònù ti wúlò jù nìyí: òun ni wọ́n máa fi yẹ ìlà náà wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 120, tí kálukú ní oko kan. Tí èèyàn méjì bá lè rin oko mẹ́fà lójúmọ́, ikọ̀ méjì á parí rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ká ní owó iṣẹ́ jẹ́ ₦10,000 fún ẹnìkan lójúmọ́, èèyàn mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́wàá á jẹ́ ₦400,000. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ìlà ètò ìnáwó kọ̀ọ̀kan rí: iye èèyàn, iye ọjọ́, iye owó ẹyọ kan. Onígbọ̀wọ́ tó bá rí "iṣẹ́ máàpù" pẹ̀lú owó gọbọi kan níwájú rẹ̀ kò ní ohun tó máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti dróònù, kí ẹgbẹ́ háyà ẹni tó ní i. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, ẹni tó bá sì rà á á ra bátìrì, á kọ́ ẹni tó máa fò ó, á tún máa tún un ṣe. Wọn kì í fò ó láìgbàṣẹ ní Nàìjíríà: ọwọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò àti àjọ NCAA ni àṣẹ wà. Kí ìwé sọ ẹni tó máa gba àṣẹ náà, kí wọ́n sì fi owó ọjọ́ méjì kún un nítorí òjò àti ọyẹ́.

Ìlà kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni owó ìpàdé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Tí onílẹ̀ bá ṣàdédé rí i pé wọ́n ń ya oko, á rò pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ jọ, kí wọ́n ṣàlàyé pé máàpù yìí kì í ṣe ìwé ilẹ̀, kí kálukú sì fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó wọ oko rẹ̀.

Àwọn nǹkan méjì tún wà tí ìwé náà gbọ́dọ̀ gbà pé òótọ́ ni. Òfin Yúróòpù gbà kí oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ ní àmì kan ṣoṣo lórí máàpù. Oko tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló gbọ́dọ̀ ní ìlà ààlà. Àwòrán òní kò sì lè sọ bí ilẹ̀ ṣe rí lọ́dún 2020. Àwòrán sátẹ́láìtì ìgbà náà, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ló máa sọ ọ́. Onígbọ̀wọ́ tó mọ iṣẹ́ á béèrè pé kí ni ẹ fẹ́ fi dróònù ṣe nígbà náà. Ìdáhùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé láti parí aáwọ̀ ààlà ni, àti láti mọ ibi tó yẹ ká tún kòkó gbìn.