Owó Gọbọi Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo Tàbí Owó Oṣooṣù: Ìṣirò Tó Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ Ṣe Kó Tó Fẹ̀yìn Tì

Láti ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń lo ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọdá, nínú èyí tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ òṣìṣẹ́ náà. Ní ti àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ìjọba a máa ṣírò ẹ̀tọ́ wọn àtẹ̀yìnwá, a sì san án gẹ́gẹ́ bíi bọ́ǹdì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé gbogbo iye tó wà lára ìwé ẹ̀rí bọ́ǹdì ni wọn yóò kà sọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ni owó bọ́ǹdì ń wọ̀ láti dàpọ̀ mọ́ owó tí a ti ń dá. Láti inú àpapọ̀ méjèèjì ni a ó ti bu apá kan fún ẹni náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyókù ni yóò sì di owó oṣooṣù rẹ̀.

Òfin kò gbà kí a bu owó náà bó ṣe wù wá. Ìlànà tí a gbé ìṣirò lé ni pé ohun tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ tó láti máa san, ó kéré tán, ìdajì owó oṣù tí ènìyàn ń gbà nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí a bu owó náà dé ibi tí òfin gbà á dé, ibẹ̀ sì ni ìpinnu wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn jẹ́ ₦120,000, àpapọ̀ owó inú àkáǹtì rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 12 náírà. Ìdajì owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Bí a bá ní kí owó náà tó o fún ọdún 18, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 6 nínú 100 lọ́dún, nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.9 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ó lè gba tó mílíọ̀nù 4.1 lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gba mílíọ̀nù 2 péré, owó oṣooṣù rẹ̀ yóò gòkè sí nǹkan bíi ₦75,800. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí. Ọjọ́ orí ẹni àti iye èlé tí a lò yóò yí i padà.

Ìbéèrè tó wà níwájú olùkọ́ wa ni pé: kí ni mílíọ̀nù 2.1 tó lé yẹn yóò ṣe fún un, tó ju ₦15,800 lóṣooṣù lọ? Bó bá fi parí ilé tirẹ̀, tó sì bọ́ lọ́wọ́ owó ilé tó ń san ní ₦400,000 lọ́dún, ó ti jèrè, nítorí owó ilé yẹn lé ní ₦33,000 lóṣù. Gbèsè tí èlé rẹ̀ ń ga sí i náà yẹ ní sísan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkọ̀ ni yóò fi rà, tàbí òwò tí kò ṣe rí, lójú tèmi, kó fi owó náà sílẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ni kò jẹ́ kí owó oṣooṣù wúlò. Òótọ́ wà níbẹ̀: ní ìparí ọdún 2024, iye tí owó ọjà fi ń lé sí i lọ́dún ju ìdá 30 nínú 100 lọ, ₦60,000 kò sì ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àmọ́ owó gọbọi tí a kó sí báńkì lásán ń dín kù bákan náà. Ohun tí a fi owó náà ṣe ló ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀wọ́ngógó.

Ọ̀nà méjì ni ìyókù owó lè gbà wá. Èkíní ni kí owó náà wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ alábòójútó owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n máa bù ú san díẹ̀díẹ̀. Owó ẹni ṣì ni. Bí ènìyàn bá kú, ohun tó kù di ti àwọn ajogún rẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé ó lè tán bí ẹ̀mí ẹni bá gùn ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. Èkejì ni ánúítì, èyí tí a ń rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Wọn yóò máa san án títí ọjọ́ ikú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí ikú bá dé kí ọdún 10 tó pé, àwọn ajogún yóò gba ti ìyókù ọdún 10 náà. Lẹ́yìn ọdún 10, kò sí ohun kan fún wọn mọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà èkíní lè bọ́ sí ánúítì lẹ́yìn náà bí owó rẹ̀ bá ṣì tó. Ẹni tó bá ti ra ánúítì kò lè padà sí ọ̀nà èkíní, nítorí náà kí ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣojú adójútòfò kankan kán yín lójú.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ alábòójútó yín pé kí wọ́n ṣe ìṣirò méjì sórí ìwé: ọ̀kan fún iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè gbà lẹ́ẹ̀kan, èkejì fún ìdajì iye yẹn. Ẹ gba iye owó ánúítì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ju ẹyọ kan lọ, lórí iye owó kan náà, kí ẹ sì rí i pé a kọ ìdánilójú ọdún 10 náà sínú rẹ̀. Bí ìwé tí wọ́n gbé síwájú yín bá ní àlàfo níbi tó yẹ kí iye owó oṣooṣù wà, ẹ má fọwọ́ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé yín, ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì àjọ LASPEC, kí wọ́n bá yín wò ó.