Iṣẹ́ Tí A Rán Agbaṣẹ́ṣe Ni Kó Jẹ́

Ẹ jẹ́ ká wí pé ilé oògùn kan wà ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn, tó ní oníbàárà 4,000. Orúkọ wọn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti oògùn tí kálukú ń rà. Onílé oògùn gba agbaṣẹ́ṣe kan pé kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn oníbàárà létí bí oògùn wọn bá fẹ́ tán. Ó kó gbogbo ìwé náà fún un.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, fóònù ìyàwó ojú ọ̀nà wà lórí tábìlì, àwọn àna sì jókòó yí i ká. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, ojú fóònù mọ́lẹ̀: “Ẹ kú àárọ̀ Mà. Oògùn wárápá yín yóò tán lọ́jọ́ Ẹtì.” Kò sí olè tó jí nǹkan kan. Agbaṣẹ́ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Àṣírí ọmọ ọlọ́mọ sì tú.

Bí a bá yẹ ìwé àdéhùn wọn wò, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí: “Agbaṣẹ́ṣe yóò pa àṣírí mọ́.” Gbólóhùn yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó.

Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 pín iṣẹ́ sí méjì. Ẹni tó pinnu ìdí tí a fi ń lo dátà àti bí a ó ṣe lò ó ni olórí ọ̀rọ̀. Onílé oògùn nìyẹn. Ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí dátà náà ni agbaṣẹ́ṣe. Òfin fẹ́ kí àdéhùn wọn wà lákọsílẹ̀, ó sì ní kí onílé oògùn rí i dájú pé agbaṣẹ́ṣe ń tẹ̀ lé òfin. Kò lè sọ pé “èmi kọ́, agbaṣẹ́ṣe ni.” Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà lára ohun tí òfin yìí kà sí dátà ẹlẹgẹ́, tó gba ìṣọ́ra ju tàwọn yòókù lọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Níbi dátà, ọ̀rọ̀ náà yí padà: bí a ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni kó jẹ́ ẹ, kó má fi ohunkóhun kún un. Nítorí náà, àdéhùn gbọ́dọ̀ ka dátà tí a fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó lọ, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ti tó. Kí ni agbaṣẹ́ṣe fẹ́ fi orúkọ oògùn ṣe? Ká ní onílé oògùn kò fún un ni, “Ẹ kú àárọ̀ Mà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ padà wá” nìkan ni àwọn àna ì bá rí.

Èkejì ni ẹni tí agbaṣẹ́ṣe náà tún gbé iṣẹ́ fún. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń bá a fi ránṣẹ́, dátà sì lè wà lórí kọ̀ǹpútà àyálò lókè òkun. Òfin ní kó sọ fún onílé oògùn bó bá mú ẹlòmíràn wọ iṣẹ́ náà. Kí àdéhùn dárúkọ wọn, kó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹni tuntun wọlé láìgbàṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni aago. Bí olè bá jí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òfin ní kó sọ fún onílé oògùn bó bá ti mọ̀. Láti ìgbà tí onílé oògùn bá ti mọ̀, ó ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ ààbò dátà létí bí ọ̀rọ̀ náà bá lè pa oníbàárà lára. Bí ewu náà bá pọ̀, kó sọ fún oníbàárà fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n “bó bá ti mọ̀” kò ní nọ́ńbà. Agbaṣẹ́ṣe lè dákẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó ní òun ò jáfara, nígbà tí oníjìbìtì ti ń pe àwọn oníbàárà lórúkọ. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i: wákàtí 24, pẹ̀lú ẹni tí yóò pè.

Ìkẹrin ni ìparí iṣẹ́. Kí àdéhùn sọ pé láàárín ọjọ́ 30, agbaṣẹ́ṣe yóò dá dátà padà, yóò pa èyí tó kù rẹ́, títí kan ẹ̀dà tó fi pa mọ́, yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé nìkan kò lè dá olè dúró. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀tọ́ àyẹ̀wò sínú àdéhùn, kí ẹ sì lò ó. Ìtanràn òfin yìí lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì, mílíọ̀nù 10 ni ti àkọ́kọ́.

Kò sí ìtanràn tó lè dá àṣírí ọmọ yẹn padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lónìí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí sí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.