Ṣíbí Mẹ́rìnlá Nínú Ìkòkò Ẹ̀fọ́

Ojú ewé méjì ni lẹ́tà náà. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí ó mọ ìyá rẹ̀: Màmá á ní òun ti gbọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, ẹni ọdún 67. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún un pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ti ga jù.

Ìwé àyẹ̀wò yẹn ló kọ́kọ́ já ọmọ náà láyà. Wọ́n kọ 158 síwájú LDL, bẹ́ẹ̀ 3 tàbí 4 ni òun máa ń rí lórí ìwé àyẹ̀wò ní Ìlú Ọba. Ìgbà tó fara balẹ̀ ló rí i pé òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. mg/dL ni ilé àyẹ̀wò Abẹ́òkúta fi wọ̀n ọ́n, mmol/L sì ni ti Ìlú Ọba. Bí a bá pín 158 sí ọ̀nà 38.7, ohun tí a óò rí lé díẹ̀ ní 4. Ó ga lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sunkún lé lórí.

LDL yìí ni irú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ bó bá pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó máa fà á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní ohun kan lára tó dà bí ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni LDL ń gbà wọlé, ìwádìí lórí ilẹ̀kùn wọ̀nyí ló sì jẹ́ kí oníṣègùn Amẹ́ríkà méjì gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì ní 1985. Bí ènìyàn bá ń jẹ ọ̀rá tó máa ń dì lọ́pọ̀, ilẹ̀kùn náà á dín kù, LDL á sì máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìgò epo pupa láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ mọ irú ọ̀rá tí à ń sọ. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú rárá, igi ló ti wá, àmọ́ bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá tó ń dì. Ti òróró ẹ̀pà kò tó ìdá mẹ́rin.

Lẹ́tà náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin. “Ẹ̀yin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín,” ni ọmọ náà kọ. “Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ epo mọ́. Ẹ kàn bá mi ka ṣíbí ìjẹun tó máa kún ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń bu epo sí ẹ̀fọ́.”

Màmá kà á. Méje ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń bu epo sí ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò ọjọ́ Àìkú, ó di ṣíbí mẹ́rìnlá. Bí gíráàmù 7 ọ̀rá tó ń dì ló wà nínú ṣíbí kan. Abọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ń bù nínú ìkòkò náà, nítorí náà bí gíráàmù 12 ló ń bọ́ sí abọ́ kọ̀ọ̀kan láti inú epo nìkan, a ò tíì ka ẹran. Ní Ìlú Ọba, gíráàmù 20 ni wọ́n ní kí obìnrin má kọjá lójúmọ́.

Èsì Màmá kò pẹ́ dé: àwọn bàbá wọn jẹ epo, wọ́n sì dàgbà. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1992, àwọn oníwádìí fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianápólísì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn ló kéré jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà wọ̀nyẹn kì í jẹ ẹran púpọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn. Ọmọ náà rán Màmá létí pé ọ̀kadà ló ń gbé e lọ sí ọjà báyìí.

Ibi tí lẹ́tà náà ti mọ́gbọ́n wá jù ni ibi tó ti béèrè iṣẹ́ tí epo ń ṣe nínú ìkòkò Màmá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé ó ń pa ìkan tòmátì àti ata. Omi inú ata lílọ̀ ló ń mú kí ènìyàn da epo púpọ̀ sí i kó tó lè dín. Ọmọ náà ní kí Màmá kọ́kọ́ gbé ata náà kaná láìfi epo sí i, kó máa rò ó lórí iná tó mọ níwọ̀n títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tán, tí ata á sì ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìgbà yẹn ni kó wá fi àlùbọ́sà àti epo díẹ̀ sí i. Ó ti jinná bí òórùn tútù bá ti lọ, tí epo sì yọ díẹ̀ létí ìkòkò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá kò dín iná kù, ata jó mọ́ ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, ó fi omi ẹran ṣíbí méjì tù ú, ó sì bọ́ sí i.

Omi ẹran náà ní ètò tirẹ̀. Kí ó tutù, kí wọ́n gbé e sínú fìríìjì mọ́jú bí iná bá wà, kí wọ́n sì fi ṣíbí gé ọ̀rá funfun tó dì lójú rẹ̀ dànù. Bí kò bá sí iná, kí wọ́n jẹ́ kó silẹ̀ dáadáa, kí wọ́n rọra fi ṣíbí kó ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò.

Iṣẹ́ kejì ni ọmọ náà ì bá gbàgbé, bí kì í bá ṣe pé ilé yẹn ló dàgbà sí. Epo tó bo ojú ọbẹ̀ máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó kan, pàápàá níbi tí iná kì í dúró. Bí wọ́n bá dín epo kù tí wọ́n sì tún se ìkòkò ńlá ti ọ̀sẹ̀ kan, ọbẹ̀ á bàjẹ́, Màmá á sì padà sídìí ṣíbí mẹ́rìnlá rẹ̀. Nítorí náà, ìkòkò kékeré lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni lẹ́tà náà dá lábàá, kí wọ́n sì máa gbé e kaná kó hó dáadáa láràárọ̀.

Adùn ló kù. Irú àti edé gbígbẹ ni ọmọ náà ní kí wọ́n fi kún un, kì í ṣe magí, torí iyọ̀ inú magí kò ṣe ẹlẹ́jẹ̀ ríru lóore. Kí kòtè tàbí títù rọ́pò ẹran màlúù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹ̀wà sísè tàbí mọ́ínmọ́ín wà lórí tábìlì nígbà púpọ̀, torí nǹkan yíyọ̀ inú ẹ̀wà, bíi ti ilá, máa ń kó díẹ̀ nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù bá ìgbẹ́ jáde.

Màmá kò já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti mẹ́rìnlá ó dé mọ́kànlá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó di mẹ́jọ, ó sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò: 141. Bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló dín, ohun tí oúnjẹ nìkan sì sábà máa ń lè ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá mú kí dókítà tún kọ oògùn fún un, ó sì ní kó máa lò ó pẹ̀lú ìyípadà oúnjẹ náà. Ẹni tí LDL rẹ̀ bá kọjá 190 kò gbọ́dọ̀ gbára lé ìkòkò nìkan, torí irú èyí lè jẹ́ àjogúnbá.

Ọ̀rọ̀ àjogúnbá yìí ni Màmá mú nínú lẹ́tà tirẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní àkàrà àárọ̀ Sátidé kò lè kúrò níbi tó wà, lẹ́yìn náà ló béèrè pé: “Ìwọ ńkọ́, èló ni tìẹ?” Ọmọ náà kò tíì ṣe àyẹ̀wò rí ní gbogbo ọdún tó ti lò ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì.