Abiyamọ Tó Ń Padà Sẹ́nu Iṣẹ́: Ètò Ojúmọ́ fún Ọmú, Ọmọ àti Iṣẹ́

Bí a bá ṣe ń fa ọmú tó ni ara ìyá ṣe ń pèsè rẹ̀ tó. Bí ọmọ bá mu ún, tàbí tí ìyá fi ọwọ́ fún un síta, òmíràn á dé. Bí ó bá kún tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, ara á gbà pé ọmọ kò nílò rẹ̀ mọ́, omi ọmú á sì máa dín kù. Nítorí náà, abiyamọ tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ to iṣẹ́ sílẹ̀, kó wá máa wá àyè fún ọmú láàárín rẹ̀. Àkókò tí yóò fún ọmú ni kó kọ́kọ́ mú dúró, kó wá to ìyókù yí i ká.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìsinmi ìbímọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù mẹ́fà lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èyí kò kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni. Ọmọ rẹ̀ kì í ju oṣù méjì sí mẹ́ta lọ nígbà tí ìsinmi bá parí, bẹ́ẹ̀ ni ọmú nìkan ló yẹ kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ohun tí ọ̀pọ̀ abiyamọ kò mọ̀ ni pé òfin kan náà fún ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àkókò iṣẹ́, kó lè fi bójú tó ọmú. Kí ìsinmi tó parí ló yẹ kó ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò sí aago tí yóò máa dìde àti yàrá tí yóò máa lò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń fún oúnjẹ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wo akọ̀wé kan tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń mójú tó ọmọ nílé. Ó ní láti jáde ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ kó tó lè débi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣíwọ́, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ kì í sì í jẹ́ kó délé ṣáájú aago méje. Wákàtí 13 nìyẹn. Ọmọ ọjọ́ orí yìí máa ń mu nǹkan bí mìlílítà 30 fún wákàtí kan, nítorí náà yóò nílò nǹkan bí mìlílítà 400, ìyẹn ife mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlílítà 100.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á mu ọmú kan, ìyá á fún èkejì síta sínú ife tí a ti sè nínú omi gbígbóná, tó sì ní ìdérí. Ìdájí ni ọmú máa ń kún jù, nítorí náà kò yẹ kí àkókò yìí bọ́. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí àkókò àtijáde, ọmọ á tún mu. Ní ibi iṣẹ́, á fún ọmú ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìdajì wákàtí méjì tí òfin fún un ló fi ń ṣe ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ló fi ń ṣe ti àárín. Iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dojú kọ láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá ààbọ̀, kí ọmú tó kún tí ara á sì máa ni ín.

Ìtọ́jú omi ọmú ló máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù, nítorí iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ṣùgbọ́n kúlà tó dé pinpin, tí yìnyín kún inú rẹ̀, lè pa omi ọmú mọ́ fún wákàtí 24. Èyí sì tó. Ife tí akọ̀wé yìí fún ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ òní ni ìyá àgbà á fún ọmọ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la. Ti aago kan ààbọ̀ ni ọmọ á mu ní aago méjìlá ọ̀sán, ti aago mẹ́rin á sì di ti aago méjì ààbọ̀. Ife ìdájí ọjọ́ náà gan-an ló gbẹ̀yìn, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ebi lè ti máa pa ọmọ díẹ̀ nígbà tí ìyá bá wọlé. Kò sí èyí tó pé wákàtí 24 nínú wọn, bí a bá sáà ń pààrọ̀ yìnyín ní alẹ́ àti ní ìdájí. Kí a kọ aago sára ife kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà ṣì í mú. Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá á fún ọmú síta lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu, kí ife ọjọ́ Ajé lè pé.

Omi ọmú tó wà nílẹ̀ gbalasa kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ, ó sì yẹ kó kéré sí bẹ́ẹ̀ nígbà ooru. A kì í gbé e kaná. Inú abọ́ omi gbígbóná la ń gbé ife sí títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀rá bá léfòó sójú rẹ̀, kò bàjẹ́. Kí a rọra mì ín ni. Èyí tí ọmọ bá mu kù, kí a dà á nù lẹ́yìn wákàtí méjì.

Ife kékeré tàbí ṣíbí dára ju fídà lọ. Fídà ṣòro láti fọ̀ mọ́, àwọn ọmọ mìíràn a sì tipasẹ̀ rẹ̀ kọ ọmú. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpadà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ, kó sì jẹ́ ìyá àgbà ló ń fún un, nítorí ọmọ tó bá ń gbóòórùn ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ gba ife. Ìgbà yìí náà ni kí a bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ omi àti àgbo, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Omi tó wà nínú ọmú tó ọmọ, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tàbí àgbo tó bá wọ ikùn kékeré yẹn á gba àyè oúnjẹ, ó sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru.

Bí ìyá bá délé, kó fọwọ́, kó gbé ọmọ sọ́mú kó tó ronú ilé ìdáná. Ọkọ tàbí ẹlòmíràn ni kó dá iná alẹ́. Ọmú òru ló ń gba ètò yìí dúró, torí náà kí ọmọ sún mọ́ ọn, kó sì máa mu nígbàkúùgbà tó bá jí.

Ife tí kò kún kò túmọ̀ sí pé ọmú ti gbẹ, nítorí ọmọ mọ̀ ọ́n fà ju ọwọ́ lọ. Ìtọ̀ ló ń sọ òótọ́. Ọmọ tó ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò pọ́n, tó sì ń wọ̀n sí i nílé ìwòsàn, ń yó. Bí ó bá dín sí bẹ́ẹ̀, kí ìyá fi ìgbà kan kún fífún ọmú, kó sì gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Bí ọmú tirẹ̀ bá le, tó pọ́n, tó sì gbóná, tí ibà sì dé, kó má ṣe dáwọ́ fífún un dúró, kó sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ ló dára jù láti padà, kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òpin ọ̀sẹ̀ á dé, ilé á sì rí àyè tún ohun tí kò lọ déédéé ṣe kí odindi ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.